Ẹ bá mi wo ìtumọ̀ lébẹ́ẹ̀lì Ẹpa yìí: èwo ló dájú, èwo ni mùsíọ̀mù kàn rò?

Àṣàkẹ́_Adó

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà lókè òkun wọ mùsíọ̀mù kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rí Ẹpa kan, ère onígi tí wọ́n ń gbé sórí jó lọ́dún, nínú gíláàsì tí wọ́n kọ Èkìtì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, inú ẹ̀ dùn, ó ya fótò ère náà méjì, ó ya lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ náà, ó jù ú sórí Wáàtsáàpù ẹbí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wá ní kí n túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé prógíráàmù ọjọ́ ìlú. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò gùn, ìlà mẹ́fà wà lókè bíi lísìtì, ìpínrọ̀ kékeré kan wà nísàlẹ̀. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ère òrìṣà ìbímọ, tí agbẹ́gilére kan tí a kò mọ̀ gbẹ́ ní ọdún 1961 ní Òsì, Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Gíga rẹ̀ jẹ́ 113 sẹ̀ǹtímítà. Òrìṣà náà jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń gbé Ẹpa yìí jó láti tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọkọ mi kà á, ó ní ó dùn. Àmọ́ bàbá kan nínú ẹgbẹ́ bi mí pé ta ló sọ pé òrìṣà ni, mi ò rí nǹkan kan sọ. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbà á.

Níyì_Ìkọ̀lé

Sístà, èyí ò le. Àwọn ìlà tó wà lókè lébẹ́ẹ̀lì ni òótọ́, ìpínrọ̀ ìsàlẹ̀ ni èrò àwọn òyìnbó. Túmọ̀ tòkè, gé tìsàlẹ̀ dànù, o ti ṣe tán.

Alágbà_Sítáǹpù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ní kóòtù, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má yọ nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì búra sí i. Bí mo ṣe ń ṣe ti ìwé ọjọ́ ìbí nìyẹn láti ọjọ́ yìí.

Àṣàkẹ́_Adó

Ẹ ṣé sà. Kì í ṣe ti kóòtù o, ìwé prógíráàmù ni.

Tíṣà_Ìlúpéjú

Àṣàkẹ́, mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ nǹkan mùsíọ̀mù sínú ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà mo fẹ́ ràn ẹ́ lọ́wọ́ dáadáa. Kí n tó sọ ohunkóhun, jọ̀ọ́ bá mi kọ ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bó ṣe wà gan-an, lọ́kọ̀ọ̀kan, má pa wọ́n pọ̀ di gbólóhùn. Kó o wá kọ ìpínrọ̀ ìsàlẹ̀ náà, gbólóhùn kan sí ìlà kan. Mo ní ìdí tí mo fi bèèrè bẹ́ẹ̀.

Àṣàkẹ́_Adó

Ó dáa sà. Lókè:
Ẹpa, ohun ìgbórí.
Oníṣẹ́ ọnà: a kò mọ̀ ọ́n.
Yorùbá, agbègbè Èkìtì, Nàìjíríà.
Ìparí ọ̀rúndún 19 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20.
Igi, àwọ̀. Gíga 113 sẹ̀ǹtímítà (iná mọ́ ọn lójú, ó lè jẹ́ 118).
Ẹ̀bùn láti ọwọ́ lágbájá (mo fo orúkọ ẹ̀), lẹ́yìn náà nọ́ńbà: 1961.4.8.

Nísàlẹ̀:
Obìnrin kan jókòó sórí àpótí, ó ń fún ọmọ kan lọ́mú, ó pọn ọ̀kan, àwọn mìíràn kúnlẹ̀ yí i ká.
Ó dúró fún òrìṣà ìbísí.
Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ojú àti àpótí náà fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó ti ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Osi wá.
Wọ́n máa ń gbé irú Ẹpa báyìí jó nígbà ọdún láti bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ.

Tíṣà_Ìlúpéjú

O ṣeun. Ṣé o rí i pé bó o ṣe tú u ká báyìí, àwọn nǹkan tó o ti pa pọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń yọjú fúnra wọn? Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1961 torí òun ló burú jù. Kò síbi tí lébẹ́ẹ̀lì ti sọ pé ọdún 1961 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Orí nọ́ńbà ìwé mùsíọ̀mù ni 1961 wà. Mùsíọ̀mù púpọ̀ ló ń fi ọdún tí nǹkan wọlé sọ́dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ẹ̀, ohun tó sì tẹ̀ lé e jẹ́ ìpín àti ipò ẹ̀ nínú àwọn tó wọlé lọ́dún yẹn. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó wà ní mùsíọ̀mù Bìrìtíìṣì ní Lọ́ńdọ̀nù, wò ó: Af1924 ni nọ́ńbà ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí Wẹ́ńbìlì fún ìpàtẹ ńlá, tó sì kúrò níbẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ mùsíọ̀mù. Àmọ́ láàárín nǹkan bíi 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ẹ. Tí ẹnì kan bá túmọ̀ nọ́ńbà yẹn bó o ṣe túmọ̀ tìẹ, á sọ pé Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ní 1924, irọ́ á sì ti wọ prógíráàmù.

Ìlà kẹrin nìyẹn: ìparí ọ̀rúndún 19 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Òun ni wọ́n sọ nípa ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, àfojúdíwọ̀n ni, ẹnì kan wo bí igi ṣe gbó àti bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ ló ṣe fi síbẹ̀. Níyì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti jìn sí kòtò díẹ̀. Nínú ìlà mẹ́fà tòkè, igi àti gíga la lè wò ká fi tépù wọ̀n, ẹ̀bùn àti nọ́ńbà wà lákọsílẹ̀, àmọ́ dẹ́ètì èrò ni, orúkọ Èkìtì náà sì lè jẹ́ èrò. Nínú ìpínrọ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀wẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ kì í ṣe èrò rárá. Ẹ̀yin náà ẹ wo fótò, obìnrin ló jókòó, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá gé ìpínrọ̀ yẹn dànù, ohun tó dájú jù ló gé yẹn.

Níyì_Ìkọ̀lé

Mo gbà sà, mi ò rò ó débẹ̀. Àmọ́ Osi tó kọ yẹn tọ̀nà, àdúgbò Ìdó ni, Òsì-Èkìtì, mo mọ ọ̀nà ibẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì ni.

Tíṣà_Ìlúpéjú

Òsì tó wà nítòsí Ìdó wà lóòótọ́. Àmọ́ Òsì mìíràn wà ní Kwara, ìlú tí àwọn tó ń kọ nípa ère ń pè ní Òsì-Ìlọrin, ibẹ̀ ni Aréògún ti wá, agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Ọmọ ẹ̀, Bámidélé tí wọ́n ń pè ní Bándélé, ló wá ṣiṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì pẹ̀lú Fádà Kẹ́fíìnì Kárọ́ọ̀lù lẹ́yìn 1947. Tí ìwé mùsíọ̀mù bá dárúkọ Òsì lórí ọ̀rọ̀ Ẹpa, èyí tó wà ní Kwara ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ rò, àmọ́ mi ò lè fi ìyẹn búra fún lébẹ́ẹ̀lì yìí. Kò sí àmì ohùn lórí Osi yẹn, wọn ò sì kọ Ìlọrin tàbí Ìdó tẹ̀ lé e.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé Àṣàkẹ́ fi "Ìpínlẹ̀" kún un. Agbègbè ni lébẹ́ẹ̀lì kọ. October 1, 1996 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ láti ara Oǹdó, lébẹ́ẹ̀lì lè ti wà ṣáájú ìyẹn, ilẹ̀ tí àwọn tó ń kọ ìwé ń pè ní Èkìtì sì wọ Kwara. Ìjọba ìbílẹ̀ kan tiẹ̀ wà ní Kwara tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Èkìtì. Torí náà "agbègbè Èkìtì" ni kó o kọ, kó o sì fi Osi sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó o bá fi àmì sí i, tó o bá fi ìpínlẹ̀ sí i, ìwọ lo sọ ọ́, kì í ṣe mùsíọ̀mù.

Dẹ̀jọ_Òmùò

Ẹ fetí sí bàbá yìí o. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ abẹ́ fótò ère kan fún ìwé ayẹyẹ kan nílé wa. Òyìnbó kọ ọ́ pé "ó ṣeé ṣe kó jẹ́" ti ẹbí báyìí báyìí, èmi kọ ọ́ pé "ti ẹbí báyìí ni", torí pé mo rò pé Yorùbá tó gún régé kì í ṣe iyèméjì. Ọjọ́ ayẹyẹ, ẹbí kejì dìde, wọ́n ní àwọn ló ni ère náà, ọ̀rọ̀ di ariwo níwájú kábíyèsí. Wọ́n ka ìwé síta, orúkọ mi ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ìyàwó mi ló bá mi lọ bẹ àwọn àgbà. Títí dòní tí mo bá rí "ó ṣeé ṣe" nínú ìwé, mo máa ń fi bírò yí i ká kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀.

Àṣàkẹ́_Adó

Ẹ pẹ̀lẹ́ Bọ̀dá Dẹ̀jọ. Ó jọ pé ohun tí mo ṣe sí Osi náà nìyẹn, mo yọ "ó ṣeé ṣe" kúrò. Ọ̀rọ̀ òrìṣà wá ńkọ́? Lébẹ́ẹ̀lì ò sọ "ó ṣeé ṣe" níbẹ̀ o, ó kọ ọ́ gbọnin gbọnin.

Màmá_Ìyìn

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Mo ṣí fótò yẹn, mo pariwo nínú ilé. Ọlọ́mọyọyọ nìyẹn! Bí ìyá mi ṣe ń pè é nìyẹn, obìnrin tó lọ́mọ yọyọ, ọmọ níwá ọmọ lẹ́yìn. Mo rántí, mo kéré nígbà náà, wọ́n gbé e jáde, ìkòkò ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó lójú ńlá ni ọkùnrin náà ki orí bọ̀, gbogbo ère yẹn wà lórí ẹ̀ tó wúwo bí nǹkan mìíràn, ó wá fò gun òkìtì tí wọ́n kó yèpẹ̀ jọ, gbogbo obìnrin dákẹ́ títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi balẹ̀, torí pé tó bá ṣubú kò dáa fún ìlú. Kò sẹ́ni tó pe obìnrin yẹn ní òrìṣà. Ìyá ni, ìyá tí a ń yẹ́ sí. Ẹ yọ òrìṣà yẹn kúrò jàre, ẹ fi Ọlọ́mọyọyọ síbẹ̀.

Ẹ tún má pè é ní "ìbòjú" o, mo rí i tí àwọn ọmọ ń kọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ojú la fi ń bò.

Tíṣà_Ìlúpéjú

Màmá, ẹ kú ìrántí. Ọlọ́mọyọyọ ni èmi náà á pè é tó bá jẹ́ pé èmi ló ń kọ lébẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ Àṣàkẹ́ ò kọ lébẹ́ẹ̀lì, ó ń túmọ̀ ẹ̀ ni. Tó bá yọ òrìṣà, tó fi Ọlọ́mọyọyọ síbẹ̀, ẹni tó bá ka prógíráàmù á rò pé mùsíọ̀mù yẹn mọ orúkọ náà, tí ọmọ wa kan bá sì débẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ tó wo lébẹ́ẹ̀lì, kò ní rí i. Ọ̀nà tó wà ni kí ìtumọ̀ fi hàn pé àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀: "mùsíọ̀mù ní òrìṣà ìbísí ló dúró fún". Lábẹ́ ẹ̀, lọ́tọ̀, kí ẹgbẹ́ fi orúkọ tiwọn kọ ọ́ pé àwọn àgbà wa ń pe irú ère yìí ní Ọlọ́mọyọyọ. Ohùn méjì ni, ẹ má lọ̀ wọ́n pọ̀.

Àṣàkẹ́, ohun tó o bi mí nípa "gbọnin gbọnin" yẹn gan-an ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Kúrétọ̀, ẹni tó ń bójú tó nǹkan mùsíọ̀mù tó sì ń kọ lébẹ́ẹ̀lì, kì í fi "bóyá" sí gbogbo èrò ẹ̀. Nígbà mìíràn ó kàn á kọ "ó dúró fún", "ó ń ṣàfihàn", bí ẹni pé ère ló sọ ọ́ fún un. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń bi ara mi pé: ẹni tí kò mọ Yorùbá rí, tó dúró níwájú gíláàsì yẹn pẹ̀lú tépù lọ́wọ́, ṣé á lè rí ohun tí gbólóhùn yìí sọ? Obìnrin tó jókòó, á rí i. Ọmọ mélòó, á kà á. Pé òrìṣà ni, kò lè rí i, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ sọ fún un, a ò sì mọ ẹni tó sọ ọ́, lébẹ́ẹ̀lì ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà rí bẹ́ẹ̀. Òyìnbó kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n gbé rù, ojú rí ìyẹn. Pé Kápútéènì Áńbúróòsì tó ṣojú ìjọba ní Èkìtì ni, ojú ò rí ìyẹn, ìtàn ìlú àti ìwé ìjọba ló fi orúkọ yẹn sí i lára. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti Ìkẹ́rẹ́ ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ti òrìṣà yìí, a ò tíì rí ẹsẹ̀ ẹ̀.

Níyì_Ìkọ̀lé

Tíṣà, gbólóhùn tó kẹ́yìn ńkọ́? Àṣàkẹ́ kọ ọ́ pé "wọ́n ń gbé Ẹpa yìí jó", àmọ́ nígbà tó tú u ká, ó kọ "irú Ẹpa báyìí".

Tíṣà_Ìlúpéjú

O káre, o ti ń rí i. "Irú Ẹpa báyìí" ọ̀rọ̀ gbogbo Ẹpa ni. Kò sí ohun tó sọ nípa eléyìí gan-an, bóyá wọ́n gbé e jó rí tàbí àgbẹ́tà ni. Púpọ̀ nínú ìpínrọ̀ lébẹ́ẹ̀lì máa ń rí bẹ́ẹ̀, tí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ère kan bá ti tán, wọ́n á sọ nípa ẹgbẹ́ ẹ̀. Tó o bá fi "yìí" rọ́pò "irú", o ti fún ère kan ní ìtàn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Dẹ̀jọ_Òmùò

Òyìnbó yẹn kọ ọ́ bí ohun tó ti kọjá, àbí? Bí ẹni pé wọn ò gbé e jó mọ́. Tó bá kọ "wọ́n máa ń gbé e jó" ní Yorùbá, ó lè jẹ́ àná, ó lè jẹ́ òní.

Màmá_Ìyìn

Kí ló kan àná? Wọ́n ṣì ń gbé Ẹpa láwọn ìlú kan. "Wọ́n máa ń" ló dáa, ẹ má sọ ọ́ di òkú.

Tíṣà_Ìlúpéjú

Èmi ò tíì pinnu lórí ìyẹn. Tí mo bá kọ "nígbà kan rí", mo ti gbè sẹ́yìn lébẹ́ẹ̀lì nínú ohun tí Màmá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kọ "wọ́n máa ń", Yorùbá ti bá mi bo èrò kúrétọ̀ mọ́lẹ̀, òǹkàwé ò sì ní mọ̀ pé ó sọ ọ́ bí ohun tó ti kọjá. Àṣàkẹ́, ìwọ yan ọ̀kan, kó o fi sínú àlàyé ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ fótò ló kù. Ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ padà lọ tó bá ṣeé ṣe. Kó pa fíláàsì, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí iná má bọ́ sójú gíláàsì, kó sún mọ́ ọn títí lébẹ́ẹ̀lì fi kún ojú fóònù, kó wá ya òmíràn tí ère àti lébẹ́ẹ̀lì jọ wà nínú ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Tí nǹkan mẹ́ta mẹ́rin bá wà nínú gíláàsì kan, nọ́ńbà kékeré máa ń wà lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, téèyàn bá ya lébẹ́ẹ̀lì nìkan, ó lè mú ọ̀rọ̀ ère kan lọ fún ìkejì. Tí kò bá lè padà, kó tẹ nọ́ńbà 1961.4.8 yẹn sójú wẹ́ẹ̀bù mùsíọ̀mù. Ọ̀pọ̀ wọn ti kó nǹkan wọn síbẹ̀, á rí gíga tó péye.

Àṣàkẹ́_Adó

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi padà lọ lánàá, ọlọ́run ló ṣe é pé ọ̀nà iṣẹ́ ẹ̀ ni. 118 ni, kì í ṣe 113. Ère méjì ló wà nínú gíláàsì, nọ́ńbà lébẹ́ẹ̀lì bá ti Ẹpa mu. Ohun tí mo kọ báyìí rèé:

"Ohun tí mùsíọ̀mù kọ sílẹ̀: Ẹpa, ohun ìgbórí. Wọn ò mọ orúkọ agbẹ́gilére tó gbẹ́ ẹ. Yorùbá, agbègbè Èkìtì. Wọ́n fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀ sí ìparí ọ̀rúndún 19 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Igi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ni, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 118. Ẹ̀bùn ni fún mùsíọ̀mù. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 1961.4.8. Obìnrin kan jókòó sórí àpótí, ó ń fún ọmọ kan lọ́mú, ó pọn ọ̀kan, àwọn mìíràn kúnlẹ̀ yí i ká.

Ohun tí mùsíọ̀mù rò: wọ́n ní òrìṣà ìbísí ni obìnrin náà dúró fún. Wọ́n ní bí ojú àti àpótí rẹ̀ ṣe rí, ó ṣeé ṣe kó ti ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Osi wá. Wọ́n ní wọ́n máa ń gbé irú Ẹpa báyìí jó nígbà ọdún láti bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ.

Àlàyé ẹgbẹ́: àwọn àgbà wa ń pe irú ère yìí ní Ọlọ́mọyọyọ. Lébẹ́ẹ̀lì sọ ọ̀rọ̀ ijó yẹn bí ohun tó ti kọjá, àmọ́ àwọn ìlú kan ṣì ń gbé Ẹpa. Osi tí wọ́n kọ, a fi í sílẹ̀ láìfi àmì sí i torí pé ìlú méjì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Tíṣà_Ìlúpéjú

Ó dáa. "Wọn ò mọ orúkọ agbẹ́gilére" yẹn dáa ju "agbẹ́gilére tí a kò mọ̀" tó o kọ lákọ̀ọ́kọ́ lọ, torí ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan nílé mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló kù: fi "ó jọ pé ọdún 1961 ló wọ mùsíọ̀mù, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe fi hàn" sínú àlàyé ẹgbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹlòmíràn á tún kà á bíi ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Màmá_Ìyìn

Àṣàkẹ́, bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gbé e kúrò nílé fún ẹni tó fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Àṣàkẹ́_Adó

Mo bi í, Màmá. Ó ní kò sí níbẹ̀.

Tíṣà_Ìlúpéjú

"Ẹ̀bùn" ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fún mùsíọ̀mù nìkan ló sọ, kò sọ bó ṣe dé ọwọ́ ẹni yẹn. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, a mọ tiẹ̀: Ògògà ò gbà kí wọ́n rà á, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òyìnbó pààrọ̀ ẹ̀. Ti Ẹpa yìí, kọ lẹ́tà sí mùsíọ̀mù, fi nọ́ńbà yẹn sí i, kó o ní kí wọ́n fi ohun tó wà nínú fáìlì ẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n máa ń dáhùn, ó kàn máa ń pẹ́ ni.

Àṣàkẹ́_Adó

Màá kọ ọ́ lálẹ́ òní, Tíṣà. Màá fi Osi náà bi wọ́n.